Mo ti kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, jíìmù ṣì ń bu owó mi

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan ní Peckham, pọ́ùn 38 lóṣù, àdéhùn ọdún kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Hull. Kí n tó lọ, mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà ní kọ́ńtà, ó ní kò séwu, pé òun á yọ orúkọ mi. Síbẹ̀ wọ́n ń yọ owó lọ. Ní àárín oṣù kọkànlá mo ní kí báǹkì dá a dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń gbé ilé mi àtijọ́ ya fọ́tò lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi: àwọn agbowó-gbèsè ní mo jẹ pọ́ùn 595, pé àdéhùn mi ti wọ ọdún kejì. Mo fi àdéhùn náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ṣé kí n san án ni, àbí kí n dákẹ́?*

Àbúrò mi, má san án, má sì dákẹ́. Nínú méjèèjì, dídákẹ́ ló léwu jù.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe pọ́ùn 595 náà. Ilé àtijọ́ tí lẹ́tà náà lọ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbowó-gbèsè kì í ṣe ológò ayé àtijọ́ tó lè wá jókòó tì ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò láṣẹ láti wọ ilé rẹ, kò sì lè gbé ohunkóhun níbẹ̀. Ìwé ló lè kọ, fóònù ló lè pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní gbèsè náà lọ́wọ́ lè pè ọ́ lẹ́jọ́ ní kóòtù, orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é, àdírẹ́sì tó bá wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n á kọ sínú ìwé. Tí ìwé ìpẹ̀jọ́ náà bá dé, ọjọ́ 14 ni o ní láti fèsì. Tí ẹnikẹ́ni kò bá fèsì, kóòtù á dá ẹjọ́ fún wọn láìyẹ ọ̀rọ̀ wò rárá. Ìdájọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní CCJ, ọdún 6 ló sì ń lò lórí àkọsílẹ̀ gbèsè ẹni. Lóòótọ́, tí o bá san án tán láàárín oṣù kan, wọ́n á pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè san ohun tí kò mọ̀ pé ó wà? Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ilé tuntun, tàbí tí wọ́n lọ tọrọ owó ilé ní báǹkì, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kóòtù ti dá wọn lẹ́bi ní ìlú tí wọn kò gbé mọ́.

Nítorí náà, kí o tó sùn lónìí, fi àdírẹ́sì rẹ ní Hull ránṣẹ́ sí jíìmù náà àti sí àwọn agbowó-gbèsè. Ímeèlì ni kí o fi ṣe é, kí ọjọ́ lè wà lórí rẹ̀. Sọ fún wọn pé o kò gbé Peckham mọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, àti pé o kò gbà pé o jẹ gbèsè náà. Lẹ́yìn èyí, tí wọ́n bá tún fi ìwé kóòtù ránṣẹ́ sí ilé àtijọ́, ìwọ lo ní ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa láti ní kí kóòtù fagi lé ìdájọ́ tó bá tibẹ̀ jáde. Kí o sì wo àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Experian, Equifax àti TransUnion, bóyá ìdájọ́ kan ti wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Tí ó bá wà, fọ́ọ̀mù N244 ni wọ́n fi ń bẹ kóòtù kí ó fagi lé e, má sì fi falẹ̀, torí adájọ́ á bi ọ́ ìdí tí o fi pẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ báǹkì. Nígbà tí o ní kí wọ́n dá owó dúró, ọ̀nà tí owó ń gbà jáde lo dí. Àdéhùn tí ìwọ àti jíìmù ṣe kò sí lọ́wọ́ báǹkì, kò sì lè bá ọ fòpin sí i. Ní ojú jíìmù, ẹni tó ṣì wà nínú àdéhùn tí kò sanwó mọ́ ni o dà, ìyẹn ni wọ́n fi gbé ọ fún agbowó-gbèsè. Mi ò sọ pé o ṣe ohun tí kò dára. Dídá owó dúró dára, ṣùgbọ́n ìwé tó ń sọ pé àdéhùn parí ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀, tàbí kí àwọn méjèèjì jọ lọ lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀nà tí owó tìrẹ ń gbà jáde jẹ́ èyí tó máa ń wà lábẹ́ Direct Debit lórí áàpù báǹkì. Ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí lè wá a níbẹ̀ kó má rí i, torí pé nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ló fún jíìmù lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti kàn sí báǹkì, kó sọ pé òun ti gba àṣẹ òun padà lọ́wọ́ jíìmù náà, ó pẹ́ tán ọjọ́ iṣẹ́ kan kí owó tó kàn tó jáde. Tí òṣìṣẹ́ báǹkì bá ní kó kọ́kọ́ lọ bá jíìmù, kó má gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí báǹkì dá a dúró. Owó tí wọ́n bá yọ lẹ́yìn ìyẹn, báǹkì ló máa dá a padà.

Mo ti ka àdéhùn rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Abala mẹ́ta ló kàn ọ́ níbẹ̀. Abala kẹrin ní oṣù 12 ni o gbọ́dọ̀ lò pé. Ní ìsàlẹ̀ abala yẹn kan náà, wọ́n ní àdéhùn á tún ara rẹ̀ ṣe fún oṣù 12 mìíràn àyàfi tí ìwé rẹ bá dé ọ́fíìsì àgbà wọn ó kéré tán ọjọ́ 30 kí ọdún tó pé. Abala kẹsàn-án ní tí owó kan bá kùnà, wọ́n á fi pọ́ùn 25 lé e. Abala kẹrìnlá lo kò rí. Èmi náà kì bá má rí i ká ní kì í ṣe pé mo mọ ibi tí wọ́n máa ń fi í sí: kò sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìfòpinsí, abẹ́ àkọlé tó sọ̀rọ̀ nípa ìsọfúnni ọmọ ẹgbẹ́ ló wà, ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kí o jẹ́ kí àwọn mọ̀ tí nọ́ńbà fóònù rẹ bá yí padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá kó lọ sí ibi tó jìnnà ju máìlì 15 lọ sí ẹ̀ka wọn èyíkéyìí lè jáde kí ọdún tó pé, tó bá fi ọjọ́ 30 sọ fún wọn ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí ilé tuntun.

Ó bí mi nínú. Ọ̀nà àbájáde wà, wọ́n sì fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ wá irú ìlà báyìí nínú àdéhùn tirẹ̀, kó má gbẹ́kẹ̀ lé àkọlé. Kó ṣí ìwé náà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kó tẹ `relocat`, `move`, `notice`, `renew` àti `freeze` sínú àpótí ìwárí níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí pé nígbà tí èèyàn bá ní òun ń kó lọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ ọ́ ní kọ́ńtà ni pé kó dá ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó máa ń dùn létí. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, àwọn oṣù tó bá fi dá a dúró kì í wọ ìṣirò oṣù 12 náà. Tó bá dá oṣù mẹ́ta dúró, òpin àdéhùn ti sún síwájú ní oṣù mẹ́ta nìyẹn, ní ìlú tí kò ní padà sí.

Ní ti ìjìnnà, mo wo àtòjọ ẹ̀ka wọn. Èyí tó sún mọ́ ọ jù ní Hull wà ní Leeds, nǹkan bí 60 máìlì lójú ọ̀nà. O yege. Ká ní wọ́n ní ẹ̀ka ní Hull gan-an ni, abala kẹrìnlá kì bá ràn ọ́ lọ́wọ́, ohun tó máa kù ni kí o ní kí wọ́n gbé orúkọ rẹ lọ síbẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí òfin tó sọ ní pàtó pé kíkó kúrò nílùú ń fòpin sí àdéhùn jíìmù. Ní ìpínlẹ̀ New York àti California l'Amẹ́ríkà, òfin fúnra rẹ̀ ló fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde tó bá kó lọ jù máìlì 25. Níbí, inú àdéhùn ni ẹ̀tọ́ yẹn wà, tó bá wà. Ohun tí òfin ṣe ni pé ó yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àdéhùn wò bóyá ó bá ẹ̀tọ́ mu. Orúkọ òfin náà, bí wàá ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ímeèlì rẹ, ni Consumer Rights Act 2015. Abala mẹ́rin nínú rẹ̀ ló tó fún ọ. Abala 62 ní ìlà tó bá fi ọmọ ẹgbẹ́ sípò tó burú jù láìtọ́ kò lè dè é. Abala 68 ní kí wọ́n kọ ọ́ ní kedere, ní èdè tó yéni. Abala 69 ní tí ìlà kan bá lè ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó ṣe ọmọ ẹgbẹ́ láǹfààní ni wọ́n máa mú. Abala 50, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, ló kan ọmọbìnrin kọ́ńtà yẹn: ohun tí òṣìṣẹ́ wọn bá sọ fún ọ nípa iṣẹ́ wọn, tí o sì gbé ìpinnu rẹ lé, á di ara àdéhùn.

Wá wò ó bí pọ́ùn 595 náà ṣe dé. Oṣù kejìlá, oṣù kìíní àti oṣù kejì tí o kò san, 38 lọ́nà mẹ́ta, jẹ́ 114. Ọdún kejì tí wọ́n ní àdéhùn wọ̀, 38 lọ́nà 12, jẹ́ 456. Ó ku 25 tí wọ́n fi lé e. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dì pọ̀ sínú iye kan kí ó lè dẹ́rù bà ọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí o sì fèsì sí wọn.

Èyí tó tóbi jù ló rọrùn láti wó. Nínú òfin 2015 yẹn, àtòjọ kan wà fún irú ìlà tí kóòtù lè kà sí èyí tí kò bá ẹ̀tọ́ mu. Lára wọn ni èyí tó ń sún àdéhùn síwájú fúnra rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀wé bá ti yá jù, àti èyí tó ń gba owó tó pọ̀ ju ohun tí wọ́n pàdánù lọ́wọ́ ẹni tó yẹ àdéhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹjọ́ kan wà ní ilé ẹjọ́ gíga ní ọdún 2011. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò tòótọ́ nígbà náà ló pe Ashbourne, tó ń bá àwọn jíìmù kọ àdéhùn tó sì ń bá wọn gba owó. Adájọ́ Kitchin ṣàlàyé pé àwọn èèyàn máa ń rò pé àwọn á lò ó ju bí wọ́n ṣe ń lò ó gan-an lọ, pé ipò wọn sì lè yí padà. Ó ní àdéhùn tó bá de èèyàn mọ́lẹ̀ ju oṣù 12 lọ kò bá ẹ̀tọ́ mu, àyàfi tí ẹni náà bá lè fi ọjọ́ 30 jáde kó sì san ìwọ̀nba owó ìtánràn. Àdéhùn rẹ kò kọ oṣù 24 sílẹ̀, oṣù 12 ló kọ, ṣùgbọ́n títún ara rẹ̀ ṣe yẹn sọ ọ́ di 24. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn gẹ́lẹ́. Kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n kọ̀wé rán ọ létí kí ọjọ́ 30 náà tó wọlé. Tí wọn kò bá kọ, èmi ò rò pé wọ́n á fẹ́ dúró níwájú adájọ́ gbèjà pọ́ùn 456.

Pọ́ùn 114 ni ọ̀rọ̀ gidi wà, òtítọ́ ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ níbẹ̀. Ní ìhà tìrẹ: o sọ fún òṣìṣẹ́ wọn ní oṣù kẹjọ, ó gbà, o sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Tí a bá ka ọjọ́ 30 láti ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ló parí. Owó ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án tọ́ sí wọn. Ti oṣù kẹwàá àti ti oṣù kọkànlá kò tọ́ sí wọn mọ́, pọ́ùn 76 ni wọ́n jẹ ọ́. Ní ìhà tiwọn: àdéhùn ní kíkọ sílẹ̀, ìwọ fẹnu sọ ọ́, o kò mú ẹ̀rí wá, nítorí náà ọdún kan náà gbọ́dọ̀ pé. Tí adájọ́ bá gba tiwọn pátápátá lórí èyí, 114 ni wàá san. Ibi tí ìjà yín wà gan-an nìyẹn: láti orí 76 tí wọ́n máa dá padà fún ọ, títí dé orí 114 tí ìwọ máa san fún wọn. Pọ́ùn 25 ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé ibi tí ọ̀rọ̀ bá já sí, kí wọ́n fi hàn ọ́ ohun tí owó kan tó kùnà ná wọn.

Má lọ sọ fún báǹkì pé kí wọ́n lo Direct Debit Guarantee gba 76 náà padà. Ìlérí yẹn wà fún àṣìṣe: owó tó pọ̀ ju èyí tí ẹ fohùn ṣọ̀kan lé, ọjọ́ tí kò tọ́, tàbí owó tí wọ́n yọ lẹ́yìn tí o ti fagi lé àṣẹ. Oṣù kọkànlá lo tó fagi lé e. Tí báǹkì bá tiẹ̀ dá owó náà padà, jíìmù á tún fi kún gbèsè rẹ.

Ohun tó máa pinnu ọ̀rọ̀ 114 ni ẹ̀rí ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, ọwọ́ jíìmù ló sì ṣeé ṣe kó wà. Òfin ààbò ìsọfúnni fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa rẹ. Kọ ímeèlì ọ̀tọ̀ sí jíìmù, kì í ṣe sí agbowó-gbèsè, kí o fi Subject Access Request ṣe àkọlé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ní oṣù kan láti fèsì. Dárúkọ ohun tí o ń fẹ́: ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ kọ sórí àkáǹtì rẹ, àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí o fi káàdì ṣí ilẹ̀kùn wọn, àti ẹ̀dà àdéhùn tí o fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí o wọlé. Ohun tí òṣìṣẹ́ kọ lè fi hàn pé ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ń lọ. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀kùn á fi hàn pé o kò wọlé mọ́ láti oṣù kẹjọ. Àìlọ nìkan kò fòpin sí àdéhùn o, ṣùgbọ́n ó ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn. Ẹ̀dà àdéhùn náà ṣe kókó torí pé wọ́n máa ń yí ohun tó wà lórí ìkànnì wọn padà, o sì lè rí i pé ìlà tí wọ́n ń tọ́ka sí kò sí nínú èyí tí o fọwọ́ sí. Ní tìrẹ, wá àtẹ̀jíṣẹ́ èyíkéyìí tí o fi sọ fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lọ́jọ́ náà pé o ti lọ yọ orúkọ rẹ ní jíìmù.

Ímeèlì kẹta lọ sí ọ́fíìsì àgbà jíìmù, kí o fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-gbèsè. Sọ ọjọ́ tí o kó lọ, sọ ohun tí o sọ ní kọ́ńtà àti ohun tí wọ́n fi dá ọ lóhùn, tọ́ka sí abala kẹrìnlá, kí o sì so ìwé àdéhùn ilé tí o háyà ní Hull mọ́ ọn tàbí ìwé owó orí kánsù tó ní orúkọ rẹ. Rí i pé ọjọ́ oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án 2024 wà lórí ẹ̀rí náà. Bíìlì ti oṣù yìí kò lè jẹ́rìí sí ìgbà yẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé tí wọ́n bá ní àdéhùn kankan ṣì wà, ímeèlì yìí fòpin sí i. Ìlà yẹn ṣe kókó: tí gbogbo ohun mìíràn bá tiẹ̀ kùnà, ó dá ìṣirò wọn dúró. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n gba ẹjọ́ yìí padà lọ́wọ́ agbowó-gbèsè títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn, kí o sì béèrè pọ́ùn 76 rẹ.

Má san pọ́ùn mẹ́wàá láti fi tù wọ́n nínú. Owó kékeré tí kò ní àlàyé lè dà bí ẹni pé o gbà pé o jẹ gbogbo rẹ̀.

Tí wọn kò bá gba tìrẹ, tó bá jẹ́ èmi, ohun tí mo máa fi lọ̀ wọ́n ni pé kí kálukú fi tirẹ̀ sílẹ̀: èmi ò béèrè 76 mọ́, ẹ̀yin náà ẹ má béèrè nǹkan kan mọ́. Kọ `without prejudice` sókè ìwé náà kí wọ́n má baà gbé e lọ sí kóòtù pé o jẹ́wọ́. Mi ò ní kọjá 114 láéláé. Ohun tí ẹ bá sì fẹnu kò lé, kí ó wà ní kíkọ pé àkáǹtì ti pa dé, pé wọn kò ní ta gbèsè náà fún ẹlòmíràn, pé wọn kò sì ní fi àmì kankan sórí àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ. Láìsí ìlà títa yẹn, agbowó-gbèsè tuntun lè dé lẹ́yìn ọdún kan pẹ̀lú iye kan náà.

Tí o bá fẹ́ ẹni tó máa bá ọ ka ímeèlì náà kí o tó fi ránṣẹ́, Citizens Advice ń dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0808 223 1133, àwọn náà ló máa ń gbé ẹ̀sùn irú àdéhùn báyìí lọ bá àwọn aláṣẹ Trading Standards. Tí ìwé kóòtù bá sì dé, yálà sí Hull tàbí sí Peckham, má jẹ́ kí ọjọ́ 14 kọjá. Fi tó kóòtù létí pé o ti rí i, ìyẹn á sọ ọjọ́ 14 di 28, kí o wá kọ àwíjàre rẹ bí a ṣe pín in yìí: 456, 114, 25. Bẹ ẹni tó ń gbé ilé rẹ àtijọ́ pé kó máa ya fọ́tò ìwé yòówù tó bá ní orúkọ rẹ lára ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ tó bá dé, kó má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.